Ọ̀bẹ Mi Dà?

Ìdáná àbúrò mi ni, l'Ọ́jàá'ba n'Íbàdàn, ní Sátidé tó kọjá. Òyìnbó ni ọkọ ìyàwó, Ìlú Ọba ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì sì ni ìyá náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èmi ni ògbufọ̀ títí mo fi dé abẹ́ àtíbàbà. "Ìwọ ṣáà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni wọ́n wí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, gbé máìkì lé mi lọ́wọ́. Kí n má parọ́, orí mi wú.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí àwọn ìyàwó ilé fi ka iṣu tí ẹbí ọkọ gbé wá. Ó yẹ kó jẹ́ 42, 40 ni wọ́n bá níbẹ̀. Alága ìjókòó ní àwọn ò gbà. Alága ìdúró ní ẹni tí àwọn fún lówó iṣu ló yẹ kí wọ́n mú. Ariwo ta, oòrùn ń mú, a ò tíì ka lẹ́tà, ìyàwó ṣì wà nínú yàrá. Bàbá Àgbà wá dìde, ó gbé agbádá lé èjìká, ó ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Àwọn àgbà mi orí. Gbogbo ojú sì kọ sí mi.

Mo túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá Gẹ̀ẹ́sì mi padà sí Yorùbá bó ṣe wọ àwọn àna wa létí, ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí: "Àwa ẹbí tí ẹ ń wò yìí, a kì í torí làpálàpá wa pa ẹ̀tẹ̀ wa tì."

Àpá funfun kan wà lẹ́yìn ọwọ́ Bàbá Àgbà, níbi tí omi gbígbóná ti dà sí i nígbà èwe. Mo rí i bí ìyá ọkọ ṣe wo àpá náà, tó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi bọ Bàbá lọ́wọ́ láàárọ̀, tó tún wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó mú ike oògùn apakòkòrò kékeré kan jáde, ó tẹ ẹ́ sọ́wọ́, ó sì ń gbé e kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọdékùnrin tó jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà wọn. Lẹ́yìn náà ló rọra fà mí lápá, pẹ̀lú àánú ni o, ìyẹn ló dùn mí jù, ó ní ó ti tó ìgbà wo, ṣé Bàbá ń lo oògùn?

Mo ní kí n tún un ṣe. "Rárá o, mà," ni mo wí, "ẹ̀tẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ìgbéyàwó yìí ni ẹ̀tẹ̀. Iṣu ni làpálàpá." Bàbá ọkọ wo iṣu, ó sì rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Àkànní, kí lo sọ fún wọn?" Bàbá Àgbà ti rí ojú wọn.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ ni, sà."

"Irọ́ ni. Ohun tí mo sọ kì í ba èèyàn lẹ́rù." Ó wá gba máìkì, ó ní òun á là á. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́."

Mo rí ọ̀bẹ yẹn bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn ẹ̀tẹ̀, mi ò lè fi ọ̀bẹ lé e. Mo fò ó. Mo kàn ní Bàbá ní ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo ti gbàgbé pé Bàbá Àgbà ka ìwé mẹ́fà láyé àtijọ́, ó sì mọ ohun tí òyìnbó ń pe ọ̀bẹ. Ó dúró, ó ń retí rẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó ké sínú máìkì: "Ọ̀bẹ mi dà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ọ̀bẹ mi dà? Gbé e jáde!"

Bàbá ọkọ béèrè ohun tí Bàbá ń wá lọ́wọ́ mi. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ọ̀bẹ ni."

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbí, kí n ṣàlàyé ibi tó ti bàjẹ́. "A" inú òwe kì í ṣe èmi àti ẹbí mi. Ẹnikẹ́ni ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyekan Owomoyela tilẹ̀ fi "A Kì í" ṣe orúkọ ìwé òwe kan tó gbé jáde ní 1988. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwa ni mo fi rọ́pò rẹ̀, bí mo ṣe kó ẹ̀tẹ̀ ran gbogbo ilé nìyẹn. Ká ní mo ti fún ẹ̀tẹ̀ náà ní ẹni tirẹ̀, tó jìnnà sí wa, ì bá ti tán: "Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà kì í lọ máa wá oògùn làpálàpá." Ẹ̀tẹ̀ ò lọ, làpálàpá ò lọ, ẹ̀kọ́ náà sì dúró.

Ọ̀bẹ náà, òwe fi ohun kan pamọ́ síbẹ̀ tí Yorùbá ń gbọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan dá a lórúkọ. "Bù" ni. Oúnjẹ là ń bù. Òyìnbó tó gbọ́ ọ̀bẹ tí kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi gé, ara rẹ̀ ni yóò máa wò. Torí náà, ẹ gbé ẹran sábẹ́ ọ̀bẹ fún un: "Ẹran lè tóbi ju ẹnu lọ, kí á fi ọ̀bẹ gé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tóbi ju ẹnu lọ." Ó gùn díẹ̀, òtítọ́ ni. Nínú ìwé ńlá tí Owomoyela gbé jáde ní 2005, tí òwe inú rẹ̀ lé ní 5,000, ó ráyè túmọ̀ òwe tán kó tún fi àlàyé tì í. Èmi ò ní ju ìgbà tí Bàbá Àgbà fi ń mí lọ.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ń sọ fún mi látìgbà náà pé kí ló dé tí n ò kàn sọ pé ká mú ohun tó ṣe kókó ṣíwájú. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni Bàbá fẹ́ sọ, ṣé kò lẹ́nu ni? Ẹlòmíì ní kí n lo òwe òyìnbó tó jọ ọ́, ti àwọn tó ń to àga sórí ọkọ̀ ojú omi tó ń rì. Ọkọ̀ wo? Odò wo ló wà l'Ọ́jàá'ba? Àwọn yìí kan náà náwó fún onílù, wọ́n san owó alága méjèèjì, ṣùgbọ́n ògbufọ̀, wọ́n ní ẹnu lásán ni.

Nọ́ọ̀sì ló yọ mí. Ó ní kí n tún ti àkọ́kọ́ sọ, ní pẹ̀lẹ́. Mo sọ ọ́, mo fi "ẹni tí" bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun táwọn èèyàn ń ṣe gan-an nìyẹn, torí pé làpálàpá ń yún èèyàn, ojú ẹ̀tẹ̀ kì í sì í dùn ún: awọ ibẹ̀ ti kú, òwú ni wọ́n fi ń kàn án láti mọ̀ bóyá aláìsàn ṣì ń gbọ́ ọ lára. Ibi tó ń yúnni lọwọ́ ń lọ. Èyí tó ń jẹ ìka run kì í ké.

Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mi ò ronú kan ìyún rí. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Àgbà, mi ò fo ohunkóhun. Ó wò ó títí, ó ní kí wọ́n gbé iṣu wọlé, 40 náà ti tó.

Ìkómọ á dé lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ti ní èmi náà ni. Mo bẹ Bàbá Àgbà pé kó fi àwọn òwe tó máa pa ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ ìjà tí wọ́n máa jà?