Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà sí Oníyanrìn

Ìwọ tí o fẹ́ da dẹ́kìn ilé alájà rẹ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, jókòó, mú bírò. Gígùn dẹ́kìn náà jẹ́ mítà 12, ìbú rẹ̀ mítà 10, nínípọn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15. Tẹ̀lé ìlànà yìí, yóò sì bà jẹ́ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Má ṣe ka nǹkan kan. Kọ ọ́ pé, “Ẹ gbé yanrìn, gírànáìtì àti sìmẹ́ńtì tí yóò tó dẹ́kìn wá.” Ta ló mọ ohun tí yóò tó? Ọlọ́run àti dírẹ́bà típà. Àwọn onísùúrù a máa ṣírò: 12 lọ́nà 10 lọ́nà 0.15, kọnkéré jẹ́ kúbíkì mítà 18. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá po ó, yanrìn á wọ àárín òkúta, gbogbo rẹ̀ á sì sún kì. Nítorí náà, wọ́n á fi bí ìdajì lé e, kó di nǹkan bíi 28. Wọ́n á pín in sọ́nà méje: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gírànáìtì mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé sìmẹ́ńtì á tó bí àpò 115, yanrìn bíi tọ́ọ̀nù 13, gírànáìtì bíi tọ́ọ̀nù 25. Ìwọ, “tírípù kan kan” ni kí o kọ. Típà kékeré ń jẹ́ tírípù, típà ńlá náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Má ṣe sọ irú èyí tí o fẹ́. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Má dá wọn lóhùn. Kọ “yanrìn” lásán, kí wọ́n lè gbé yanrìn kíkúnná tí a fi ń rẹ́ ògiri wá, dípò ṣáàpù sáàǹdì tó ní hóró. Bí ó bá dé, má ṣe fi omi pa á lọ́wọ́ wò, nítorí bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, wàá mọ̀ pé amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, oorun ò sì ní kùn ọ́ mọ́. Kọ “sìmẹ́ńtì” náà lásán. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti ní rírẹ́ ògiri ni kí a máa fi 32.5 ṣe, kí a fi 42.5 da òpó àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ṣùgbọ́n ta ló ń ka àpò?

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kọ “ní kíákíá” dípò ọjọ́. Èyí ló dùn jù. Sìmẹ́ńtì lè dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó sùn sórí ilẹ̀ títutù, kó sì di òkúta nínú àpò. Gírànáìtì ní tirẹ̀ lè kù díẹ̀ káàtó, kó tán ní agogo méjì ọ̀sán Sátidé nígbà tí dẹ́kìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Wàá pe oníyanrìn, yóò ní típà ti wà lọ́nà. Kí típà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí ẹ kọ́kọ́ dà ti gan. Tuntun ò ní lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó mọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni omi yóò máa gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Má ṣe kọ irú lẹ́tà yìí. Aládùúgbò rẹ kan ló kọ ọ́, ẹ̀yìn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn:

“Ẹ̀yin Àlàájà, ẹ kú ọjà o. Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, la fẹ́ da dẹ́kìn, agogo méje àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ṣáàpù sáàǹdì tọ́ọ̀nù 15 wá ní Túsìdeè ọjọ́ 10, gírànáìtì oníhóró ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, tọ́ọ̀nù 30, ní Wẹ́sìdeè ọjọ́ 11, sìmẹ́ńtì 42.5, àpò 120, ní Fúráìdeè ọjọ́ 13, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ti to pákó tí sìmẹ́ńtì máa sùn lé, tapólì sì wà nílẹ̀. Ọ̀nà wa tóóró, típà tó gùn jù ò ní lè yí. Fọ́ọ̀mànù wa á wọn ẹ̀yìn típà kó tó dà á sílẹ̀. Ìdajì owó nìyí, ẹ ó gba ìyókù bí ohun gbogbo bá pé.”

Ṣé o rí i bó ṣe ń fi wàhálà dá ara rẹ̀ lágara? Ó tilẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn yanrìn, kó lè dá a padà bí kò bá dára.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Bí kápẹ́ńtà bá tú pákó, gbójú sókè: wàá rí ìlà kan tó gba àárín dẹ́kìn kọjá. Bí òjò àkọ́kọ́ bá dé, kọ lẹ́tà mìíràn, sí ẹni tó ń ta ike: “Ẹ fi bàsíà ńlá mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, aláwọ̀ búlúù, kó dé lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú.” Nínú èyí, o ò ní gbàgbé iye, o ò ní gbàgbé irú, o ò sì ní gbàgbé ọjọ́.