Odidi Ìwé, Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò dé ìpàdé oníròyìn rí. Odidi ìwé ni ọ̀gá máa ń kà síni létí níbẹ̀, láti orí ìkíni títí dé orí ọpẹ́. Bí a bá wá délé tí a fún un bí ẹni fún aṣọ, omi tó máa kán sílẹ̀ ò ní tó fọ ojú.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n á pè wá fún aago mẹ́wàá, ọ̀gá á dé ní méjìlá ààbọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń há ìwé tí ó fẹ́ kà. Kí ó tó jókòó, ẹlòmíì nínú wa ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú pẹ̀lú “ọ̀gá sọ pé”, nígbà tí ọ̀gá ò tíì ya ẹnu. Bó bá di àsìkò ìbéèrè, ẹni àkọ́kọ́ á dìde, á dúpẹ́ títí, á wá bèèrè àṣírí àṣeyọrí ọ̀gá. Ṣé owó ọkọ̀ ń dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ta ló fẹ́ bínú owó ọkọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa jọ jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde fún àwọn oníròyìn pé àwọn máa pààrọ̀ ìrísí igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan. Àlàyé ló kọ́kọ́ rọ̀jò: àwọn èèyàn ń tọ́jú owó sílé, ayédèrú ń pọ̀. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń tún owó wọn ṣe láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, àmọ́ a ò fọwọ́ kan tiwa láti ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀, ọdún 2005 ni ẹgbẹ̀rún kan náírà dé ayé. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n fi kún àwọn ẹni ogún ọdún.

Ìwé báyìí, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà á bọ̀. Àwáwí ló máa ń wà níwájú, àṣẹ á sá pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ wá ọjọ́ tí nǹkan tí ìyá alátà ń ṣe lónìí ò ní ṣeé ṣe fún un mọ́. Ó wà níbẹ̀: owó tuntun á jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, owó àtijọ́ á kú ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ ka ìka: ọjọ́ 47. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 25 sí ìdìbò ààrẹ. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nílẹ̀, 2.73 ni kò sí nínú àpótí báǹkì. Iye tó máa wọlé nìyẹn. Èló ló máa jáde padà? Kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ bi ọ̀gá nìyẹn, dípò àṣírí àṣeyọrí.

Ẹ tún wo orúkọ. Ìwé náà ní Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i. Ó dáa, mínísítà ètò ìnáwó ńkọ́? Ẹni tí wọn ò bá dárúkọ níbi tó yẹ kó wà, ilé rẹ̀ ni kí akọ̀ròyìn gbà lọ kó tó lọ jẹun. Kò sí ẹni tó lọ tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 28, àwọn aṣòfin àgbà bi mínísítà ọ̀hún, Zainab Ahmed, léèrè, ó ní wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà lọ iléeṣẹ́ òun. Ìròyìn ńlá nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ìpàdé oníròyìn ló ti jáde.

Oṣù kìíní ọ̀hún ń parí lọ, a ń fowó ra owó lójú títì. Wọ́n sún ọjọ́ ikú owó sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ títí ọdún yóò fi parí.

Mo pàdé ẹlẹgbẹ́ mi kan lórí ìlà ẹ̀rọ ìpọwó lásìkò yẹn, òòrùn ti sọ ojú rẹ̀ di èédú. Òun ló kọ ìròyìn kan tó dùn-ún kà nípa àwọ̀ tí náírà tuntun máa ní. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n sọ fún wa pé báyìí ló máa rí?”

Mo ní, “Ó wà nínú ìwé tí wọ́n há fún wa, àbúrò. Lápá ìsàlẹ̀.”

Ó ní òun ò tíì kà débẹ̀.