Gáùn Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

Télọ̀ kan ní Dọ́pẹmu ní kí ẹ̀rọ AI ayàwòrán orí fóònù rẹ̀ ya gáùn áńkárá. Kíá, ó yọ: apá wú, ìdí fún pinpin.

Màmá oníbàárà ní, "Ọmọ mi, èyí gan-an ni mo fẹ́!"

Télọ̀ tẹ́ áńkárá yáàdì 6 sílẹ̀, ó wá ojú ìrán nínú àwòrán, kò rí i. Ó ní kí ẹ̀rọ ya ẹ̀yìn rẹ̀, gáùn mìíràn ló yà. Kò sì sí sípì níbì kankan. Àyà màmá jẹ́ ínṣì 42, ìbàdí 34, ìdí 44: ẹ gbé e gba orí, ẹ gbé e gba ẹsẹ̀, ìbàdí ni yóò há sí.

"Ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú àwòrán ńkọ́?"

"Mà, wọn ò tíì ní kó bọ́ ọ."