Ṣòkòtò Péńpé Lókè Orí Àǹtí Mi

Àǹtí mi ń yan ẹja àrọ̀ tà ní Àgbóyí. Kéèyàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi láti apá Kétu, ìdí nìyẹn tí oníbàárà kì í fi í ṣèèṣì yà. Mo ní kí wọ́n fa Instagram wọn lé mi lọ́wọ́, pé èmi ni n óò máa bá wọn pe èrò. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Fídíò mi ò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ojú ìwé ọlọ́jà kì í kọ́kọ́ rí fídíò. Àpótí kéékèèké ló ń rí, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlà, àwòrán ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló sì máa fi pinnu bóyá kóun tẹ̀ ẹ́ tàbí kóun kọjá. Èmi ò yan àwòrán kankan. Ohun tó bá kọ́kọ́ yọ nínú fídíò ni mo ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo máa ń tẹ fóònù kó bẹ̀rẹ̀ ká tó gbé e sókè. Ohun tó wá wà nínú àpótí mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bàtà mi, èéfín funfun báláú, àti àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àǹtí wò ó títí.

“Ẹja dà?”

Mo kọ́gbọ́n. Kí n tó gbé fídíò jáde, mo ń tẹ Edit cover, mo ń fi àwòrán tí mo dìídì yà síbẹ̀. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sára rẹ̀. Lókè pátápátá ni mo kọ Ẹ YÉ RA sí, mo kọ ẸJA BÍBÀJẸ́ sí àárín. Ó dùn ún wò lójú mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé fídíò olóòró ga ní píkísẹ̀lì 1920, ó fẹ̀ ní 1080, àpótí ojú ìwé ayé ìgbà náà sì dọ́gba, 1080 sí 1080. Àárín àwòrán ló ń mú. Á gé 420 dànù lókè, á gé 420 nísàlẹ̀. “Ẹ yé ra” bá tòkè lọ. Ó wá ku Àǹtí mi, wọ́n gbé ẹja dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẸJA BÍBÀJẸ́ sì wà láyà wọn. Mo ti ṣe mẹ́fà bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà kan láti Máìlì 12 tó pè, tó ní ṣé èyí tó bàjẹ́ yẹn máa dínwó.

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fa ìlà sórí àwòrán òfìfo kan, mo sàmì sí ibi tí àpótí máa gé e dé, gbogbo ọ̀rọ̀ sì wọ inú ìlà náà. Kò ju ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta lọ, torí pé lójú fóònù àpótí kan ò tó ìbú ìka méjì. Bí mo bá na fóònù jìnnà tí n ò lè kà á, mo ń tún un kọ. Mo fi àwọ̀ yẹ́lò kan náà sí gbogbo wọn. Mo gbé fóònù sí ojú kan náà níwájú ààrò, kí orí Àǹtí máa tóbi bákan náà nínú gbogbo àpótí. Àpótí méjìlá tò gẹ́rẹ́gẹ́. Mo ń yan kiri.

N kò bìkítà nípa ohun tó wà lẹ́yìn ìlà. Ta ni yóò rí i?

Ní oṣù kìíní 2025, Instagram sọ àpótí náà di olóòró, mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyẹn 1080 sí 1440. Píkísẹ̀lì 180 yọ sí i lókè, 180 nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò mira, àárín ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n okùn ìsáṣọ wà lókè orí Àǹtí, ṣòkòtò péńpé ọkọ wọn kan, aláwọ̀ ewé, sì wà lórí ẹ̀. Nítorí pé ojú kan náà ni mo gbé fóònù sí, ojú kan náà ni ṣòkòtò ń yọ nínú àpótí méjèèjìlá, gẹ́gẹ́ bí àmì iléeṣẹ́ ńlá.

Ọkọ wọn ló kọ́kọ́ rí i. “Èló lẹ̀ ń ta ṣòkòtò mi?”

Mo jókòó ní ọjọ́ kan gbáko, mo ń pààrọ̀ kọ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo rí i pé òun gan-an làwọn èèyàn ń tẹ̀ jù. Mo fi han Àǹtí. Wọ́n wo ẹ̀yìn kí ọkọ wọn má gbọ́.

“Má fọwọ́ kan ìyẹn.”